Artemis àti BSAT-2b: Àkọsílẹ̀ bí ẹ́ńjìnì áyọ́ọ̀nù ṣe parí iṣẹ́ tí ẹ́ńjìnì kẹ́míkà bẹ̀rẹ̀

Ní ọjọ́ 12 oṣù Keje ọdún 2001, rọ́kẹ́ẹ̀tì Ariane 5 kan gbéra láti Kourou ní Gúyánà ti ilẹ̀ Faransé, sátẹ́láìtì méjì sì wà nínú rẹ̀. Ọ̀kan ni Artemis, tí àjọ òfurufú ilẹ̀ Yúróòpù ṣe láti fi dán oríṣi ìbánisọ̀rọ̀ tuntun wò. Èkejì ni BSAT-2b, tí àwọn ará Japan fẹ́ máa fi gbé ètò tẹlifíṣọ̀n jáde. Ẹ́ńjìnì tó wà ní apá òkè rọ́kẹ́ẹ̀tì náà, èyí tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti taari àwọn méjèèjì sí ọ̀nà ìyípo tí a ti là sílẹ̀ fún wọn, kò ní agbára tó bí ó ṣe yẹ, ó sì kú kí àsìkò rẹ̀ tó pé. Ètò ni pé kí ibi tí ọ̀nà náà ti sún mọ́ ayé jù jẹ́ 858 kìlómítà sókè, kí ibi tó ti jìnnà jù sì jẹ́ 35,853. Ohun tí wọ́n bá níbẹ̀ ni 590 kìlómítà ní ìsàlẹ̀ àti 17,487 ní òkè, èyí tí kò tó ìdajì ibi tí wọ́n ń lọ.

BSAT-2b di òfo, nítorí epo inú rẹ̀ kò lè gbé e kúrò níbẹ̀ dé ibi iṣẹ́. Artemis dé ibi tí wọ́n rán an ní ọjọ́ 31 oṣù Kìíní ọdún 2003, lẹ́yìn ìrìn tó ju oṣù 18 lọ. Rọ́kẹ́ẹ̀tì kan náà ni ó gbé wọn, àṣìṣe kan náà ni ó sì bá wọn. Ohun tí ó ya Artemis sọ́tọ̀ ni pé, yàtọ̀ sí ẹ́ńjìnì kẹ́míkà rẹ̀, ó ní àwọn ẹ́ńjìnì kékeré kan tí ń fi iná mànàmáná taari, tí a ń pè ní ẹ́ńjìnì áyọ́ọ̀nù.

Mo kọ ìṣẹ̀lẹ̀ yìí sílẹ̀ nítorí àríyànjiyàn tí ó ṣẹlẹ̀ nínú ẹgbẹ́ ìkẹ́kọ̀ọ́ wa ní Àbújá, níbi tí àwa olùkọ́, àwa ẹnjiníà àti àwọn àgbà tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ti máa ń fi èdè Yorùbá ṣàlàyé ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì fún ara wa. Ọ̀rọ̀ sátẹ́láìtì NigComSat-1R, tí a ń darí láti Lugbe níbí, ni a ń sọ, nígbà tí ẹ̀gbọ́n wa kan tí ó ń kọ́ni ní físíìsì ní Kubwa bèèrè pé: “Bí ẹ́ńjìnì áyọ́ọ̀nù bá ń ṣọ́ epo lò tó bí ẹ ṣe wí yìí, kí ló dé tí wọn kò fi í gbé ohun gbogbo?” Bàbá kan tó ti jẹ́ ẹnjiníà fún ọ̀pọ̀ ọdún dá a lóhùn pé: “Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe tàn wá. Ohun tí kò lè gbé ara rẹ̀ kúrò nílẹ̀, kí ni a fẹ́ fi ṣe?” Àwọn méjèèjì ni wọ́n ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu, ìtàn Artemis sì ni mo mọ̀ pé ó fi ibi tí òótọ́ ti ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn parí sí hàn jùlọ.

Ohun méjì ni a gbọ́dọ̀ yà sọ́tọ̀ kí a tó tẹ̀síwájú. Àkọ́kọ́ ni ìtaari, ìyẹn agbára tí ẹ́ńjìnì fi ń ti ọkọ̀ síwájú ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan, tí a sì ń fi níútọ̀nù wọ̀n. Ìtaari ni ó ń pinnu bí ọkọ̀ yóò ṣe yára yí eré rẹ̀ padà. Èkejì ni ohun tí mo máa pè ní èrè epo, tí àwọn oníṣẹ́ ń fi àmì Isp kọ, tí ìṣẹ́jú-àáyá sì jẹ́ òṣùwọ̀n rẹ̀. Ohun tí ó ń wádìí ni èyí: bí ẹ́ńjìnì kan bá ń taari pẹ̀lú agbára tó dọ́gba pẹ̀lú ìwúwo kílógíráàmù kan lórí ilẹ̀ ayé, ìṣẹ́jú-àáyá mélòó ni kílógíráàmù epo kan yóò fi pẹ́ kí ó tó tán? Bí a bá sọ iye yẹn di púpọ̀ pẹ̀lú 9.81, a ó rí eré tí epo fi ń tú jáde lẹ́yìn ẹ́ńjìnì, ní mítà fún ìṣẹ́jú-àáyá. Nítorí náà, epo tó bá ń yára jáde jù ni èrè rẹ̀ pọ̀ jù, nítorí pé díẹ̀ nínú rẹ̀ ti tó láti ti ọkọ̀ síwájú.

Ẹ́ńjìnì kẹ́míkà ńlá tí Artemis gbé dání jẹ́ irú èyí tí ọ̀pọ̀ sátẹ́láìtì ńlá ń lò: omi epo méjì tí iná ń sọ láàárín wọn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ tí wọ́n bá ti fara kanra, ìtaari tó tó 400 níútọ̀nù, àti èrè epo bíi 310. Ẹ́ńjìnì áyọ́ọ̀nù rẹ̀ jẹ́ mẹ́rin, méjì tí a ṣe ní ilẹ̀ Jámánì tí orúkọ wọn ń jẹ́ RIT-10, àti méjì tí a ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí orúkọ wọn ń jẹ́ UK-10. Èrè epo wọn ju 3,000 lọ, ìyẹn bí ìlọ́po mẹ́wàá ti kẹ́míkà. Ṣùgbọ́n ìtaari ọ̀kan nínú wọn kò ju bí 15 mílíníútọ̀nù lọ. Bí a bá ya bébà A4 kan sí mẹ́ta, tí a sì gbé ìdá kan lé àtẹ́lẹwọ́, bí ó ṣe wúwo tó ní ọwọ́ wa nìyẹn. A ó nílò nǹkan bíi 27,000 irú ẹ́ńjìnì bẹ́ẹ̀ kí ìtaari wọn tó dọ́gba pẹ̀lú ti ẹ́ńjìnì kẹ́míkà kan ṣoṣo yìí.

Ó yẹ kí a mọ ìdí tí ìyàtọ̀ yìí fi rí bẹ́ẹ̀, nítorí kì í ṣe pé àwọn tó ṣe ẹ́ńjìnì áyọ́ọ̀nù kò tíì gbọ́n tó. Nínú ẹ́ńjìnì kẹ́míkà, agbára tí ń lé epo jáde wà nínú epo náà fúnra rẹ̀. Bí iná bá ti jó o, agbára náà yọ, kò sì sí bí a ṣe lè fi kún un. Ìdí nìyẹn tí háídírójìn olómi pẹ̀lú ọ́síjìn olómi, tí ó wà lára àwọn tí èrè wọn ga jùlọ nínú èyí tí a ń lò, kò fi kọjá bí 450. Ṣùgbọ́n nítorí pé agbára wà nínú epo, a lè jó ọ̀pọ̀lọpọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí ìtaari sì pọ̀ tó bí a bá ṣe fẹ́.

Ẹ́ńjìnì áyọ́ọ̀nù kò jó ohunkóhun. Gáàsì sénọ́ọ̀nù ni ó ń lò, gáàsì tó wúwo tí kì í bá ohun mìíràn ṣe pọ̀. Wọ́n ń fi iná mànàmáná gba ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kan kúrò lára átọ́ọ̀mù rẹ̀, kí ó lè di áyọ́ọ̀nù, kí agbára iná sì lè mú un. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ń gbé áyọ́ọ̀nù wọ̀nyí gba àárín àwo irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó kún fún ihò wẹ́wẹ́, tí iná tó ju 1,000 fóòtì lọ wà láàárín wọn. Eré tí wọ́n fi ń jáde ju 30 kìlómítà lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni ohun èlò kékeré kan wà tí ń tú ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù padà sínú ìṣàn náà, nítorí bí áyọ́ọ̀nù nìkan bá ń jáde, iná òdì yóò kó jọ sára sátẹ́láìtì títí yóò fi máa fa áyọ́ọ̀nù náà padà sọ́dọ̀ ara rẹ̀.

Agbára níbí kò sí nínú epo; láti ara pátákó sólà ni ó ti ń wá, ibẹ̀ sì ni òpin rẹ̀ wà. Agbára iná tí ìtaari kan ń béèrè, kódà bí kò bá sí òfo kankan, jẹ́ ìdajì ìtaari náà ní ìlọ́po eré tí epo fi ń jáde. Fún 15 mílíníútọ̀nù, èyí jẹ́ bíi 235 wáàtì, ohun tí ẹ́ńjìnì sì ń gbà gan-an ju ìlọ́po méjì rẹ̀ lọ nítorí pé kì í ṣe gbogbo iná ni ó ń di ìtaari. Bí a bá wá fẹ́ 400 níútọ̀nù pẹ̀lú èrè epo kan náà, a ó nílò wáàtì tó ju mílíọ̀nù 6 lọ, nígbà tí gbogbo pátákó sólà Artemis kò mú ju ẹgbẹẹgbẹ̀rún díẹ̀ wáàtì wá. Èyí ni ìdáhùn àkọ́kọ́ sí ìbéèrè ẹ̀gbọ́n wa. Bí èrè epo bá ṣe ń ga sí i, bẹ́ẹ̀ ni iná tí ìtaari kọ̀ọ̀kan ń béèrè ń pọ̀ sí i, ẹni tí iná rẹ̀ bá sì ní òpin, ìtaari rẹ̀ yóò ní òpin.

Láti orí ilẹ̀, Bàbá ni ó jàre pátápátá. Rọ́kẹ́ẹ̀tì tí ó bá fẹ́ gbéra gbọ́dọ̀ ní ìtaari tó ju ìwúwo ara rẹ̀ lọ, Ariane 5 sì wúwo ju 700 tọ́ọ̀nù lọ nígbà tó ń gbéra. Èrè epo kò ràn wá lọ́wọ́ rárá níbẹ̀ bí ìtaari kò bá kọ́kọ́ tó. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọkọ̀ bá ti wà lójú ọ̀nà ìyípo, kò tún sí pé ó ń ṣubú lulẹ̀ bí ẹ́ńjìnì kò bá lágbára. Ìtaari tó kéré jù pàápàá ń kó jọ ní ọjọ́ dé ọjọ́, ìbéèrè sì yí padà láti orí bí agbára ṣe pọ̀ tó sí orí bí epo yóò ṣe pẹ́ tó.

Ibi tí ọwọ́ àwọn tó ń darí Artemis wà nìyí ní oṣù Keje ọdún 2001. Ìpinnu àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe ni pé kí wọ́n má ṣe fi sátẹ́láìtì náà sílẹ̀ pẹ́ níbi tó wà, nítorí pé ọ̀nà tó ń gba 590 kìlómítà sí 17,487 ń la àárín ìgbànú ìtànṣán tó yí ayé ká kọjá nígbà gbogbo, ìtànṣán náà sì ń ba pátákó sólà jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Iṣẹ́ kíákíá ni èyí, iṣẹ́ kíákíá sì jẹ́ ti kẹ́míkà. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, wọ́n tan ẹ́ńjìnì 400 níútọ̀nù náà nígbà márùn-ún ní ibi tí ọ̀nà ti sún mọ́ ayé jù, níbi tí eré sátẹ́láìtì ti pọ̀ jù tí ìtaari sì ti ń so èso jù, títí ibi tó jìnnà jù fi gòkè dé bíi 31,000 kìlómítà. Lẹ́yìn náà, wọ́n tan án nígbà mẹ́ta ní òkè yẹn, kí apá ìsàlẹ̀ ọ̀nà náà lè gòkè bá a, kí ọ̀nà ìyípo náà sì di róbótó. Ní ìparí rẹ̀, Artemis ń yí ayé po ní 31,000 kìlómítà, ní bíi wákàtí 20 fún ìyípo kan, lókè ibi tí ìtànṣán náà ti le jù.

Mo ṣe ìṣírò iṣẹ́ yìí pẹ̀lú fọ́múlà tí gbogbo oníṣẹ́ rọ́kẹ́ẹ̀tì ń lò, ìyẹn Δv = Isp × 9.81 × ln(m0/m1), níbi tí Δv ti dúró fún ìyípadà eré, m0 fún ìwúwo kí a tó tan ẹ́ńjìnì, m1 sì fún ìwúwo lẹ́yìn rẹ̀. Láti ọ̀nà tí kò dára yẹn dé 31,000 kìlómítà róbótó, ìyípadà eré jẹ́ nǹkan bíi 1,850 mítà fún ìṣẹ́jú-àáyá. Artemis wúwo tó bíi 3,100 kílógíráàmù nígbà tí ó gbéra, pẹ̀lú èrè epo 310, epo tó jó láàárín ọjọ́ díẹ̀ yẹn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 1,400 kílógíráàmù. Ohun tó kù jẹ́ bíi 1,700 kílógíráàmù, epo tó kù nínú rẹ̀ sì jẹ́ ìwọ̀nba. Epo kékeré yẹn ni sátẹ́láìtì yóò fi máa tún ìdúró ara rẹ̀ ṣe fún gbogbo ọdún iṣẹ́ rẹ̀. Kílógíráàmù tí wọ́n bá ná lórí ìgòkè mìíràn, lára ọdún iṣẹ́ ni wọ́n ti yọ ọ́.

Ibi iṣẹ́ wà ní bíi 35,800 kìlómítà, níbi tí sátẹ́láìtì ti ń yí ayé po ní iye àkókò kan náà tí ayé fi ń yí lórí ara rẹ̀, tí ó fi dàbí ẹni pé ó dúró lójú kan lójú ọ̀run. Láti 31,000 dé ibẹ̀, ìyípadà eré tí a nílò jẹ́ bíi 190 mítà fún ìṣẹ́jú-àáyá. Pẹ̀lú kẹ́míkà, fọ́múlà náà fún wa ní bíi 100 kílógíráàmù epo. Pẹ̀lú áyọ́ọ̀nù tí èrè rẹ̀ jẹ́ 3,200, ó fún wa ní bíi 10 kílógíráàmù sénọ́ọ̀nù. Kí n má ṣe sọ ọ̀rọ̀ náà ju bí ó ṣe jẹ́ lọ: bí wọ́n bá ti fi kẹ́míkà lọ tààrà dé òkè láti ìbẹ̀rẹ̀, láìdúró ní 31,000, nǹkan bíi 50 kílógíráàmù péré ni ìnáwó epo wọn ì bá fi pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n fún sátẹ́láìtì tí epo rẹ̀ ti fẹ́ tán, 50 kílógíráàmù kì í ṣe ohun kékeré, àti pé ní 31,000 wọ́n ní ààyè láti ronú láìsí pé ìtànṣán ń jẹ pátákó sólà wọn run.

Ààyè yẹn ni wọ́n nílò, nítorí pé a kò ṣe ẹ́ńjìnì áyọ́ọ̀nù wọ̀nyí fún ìgòkè rárá. Iṣẹ́ tí a yàn fún wọn ni láti máa fa sátẹ́láìtì sí àríwá àti sí gúúsù díẹ̀díẹ̀, kí òòfà òṣùpá àti ti oòrùn má baà fà á kúrò lójú ìlà rẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n kọjú sí, kì í ṣe ẹ̀yìn. Kí wọ́n tó lè ti sátẹ́láìtì síwájú lójú ọ̀nà rẹ̀, gbogbo sátẹ́láìtì náà ni yóò yí padà ní ìwọ̀n 90, kí ó sì máa rìn bẹ́ẹ̀ fún oṣù púpọ̀, ohun tí ìlànà kọ̀ǹpútà inú rẹ̀ kò mọ̀ rí. Wọ́n tún bíi ìdá márùn-ún ìlànà náà kọ láti orí ilẹ̀, wọ́n sì rán an sókè. Iṣẹ́ yẹn gan-an ni mo kà sí iṣẹ́ ńlá jù nínú ìtàn yìí, nítorí ẹ́ńjìnì tí kò kọjú síbi tí a ń lọ kò wúlò, bí ó ti wù kí èrè rẹ̀ ga tó.

Ní oṣù Kejì ọdún 2002, ìgòkè bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ẹni tó wà lórí ilẹ̀ yóò rí, kí ó lè mọ̀ bóyá ẹ́ńjìnì náà ń ṣiṣẹ́. Ìtaari 15 mílíníútọ̀nù lórí 1,700 kílógíráàmù ń yí eré padà ní bíi ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin mítà fún ìṣẹ́jú-àáyá, lẹ́yìn ọjọ́ kan gbáko. Ó ṣòro fún ẹ̀rọ inú sátẹ́láìtì láti rí irú ìyípadà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ orí ilẹ̀ tí ń wọn bí ó ṣe jìnnà tó lè rí i, nítorí pé ọ̀nà ìyípo ń sọ ìyípadà kékeré náà di ńlá. Ní gíga yẹn, ìyípadà yìí túmọ̀ sí ìgòkè bíi 17 kìlómítà lóòjọ́ bí ẹ́ńjìnì kò bá dákẹ́ rárá. Ohun tí wọ́n rí ní tòótọ́ jẹ́ bíi 15 kìlómítà lóòjọ́, ó sì bá ìṣírò mu dáadáa, bí a bá rántí pé àkókò ìsinmi àti àtúnṣe wà láàárín. Ohun kan wà níbí tí ó máa ń ya àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́nu: bí a ṣe ń ti sátẹ́láìtì síwájú ni eré rẹ̀ ń dín kù, láti bíi 3.27 kìlómítà fún ìṣẹ́jú-àáyá sí 3.07. Agbára tí a ń fún un ń lọ sínú gíga, ọ̀nà tó ga jù sì ni èyí tí à ń fi eré pẹ̀lẹ́ rìn.

Ẹ́ńjìnì wọ̀nyí kò ṣe iṣẹ́ náà láìsí wàhálà. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, ọ̀kan ṣoṣo ni ó ń taari. Ohun tí ó máa ń ṣẹlẹ̀ sí irú wọn ni pé áyọ́ọ̀nù díẹ̀ ń ṣìnà, wọ́n ń kọlu àwo oníhò náà, wọ́n sì ń ha á díẹ̀díẹ̀ títí ihò yóò fi fẹ̀ jù. Tàbí kí ìpẹ́pẹ́ irin bọ́ sáàárín àwo méjèèjì, kí iná fóòtì gíga sì já láàárín wọn. Ẹni tó ń ṣọ́ ẹ̀rọ yóò rí i pé ìṣàn iná tó yẹ kí ó jáde pẹ̀lú áyọ́ọ̀nù ń padà sára àwo, tàbí pé ẹ́ńjìnì ń pa ara rẹ̀, tó sì ń tan ara rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Àìsàn ẹ́ńjìnì kẹ́míkà yàtọ̀ sí èyí: tirẹ̀ máa ń dé lójijì, gẹ́gẹ́ bí iná apá òkè Ariane 5 ṣe kùnà láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹ́ńjìnì áyọ́ọ̀nù ń kú díẹ̀díẹ̀, ó sì ń fún ẹni tó ń darí rẹ̀ ní àkókò láti yí ètò padà.

Artemis kò jókòó lásán ní gbogbo àkókò yẹn. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2001, nígbà tó ṣì wà ní 31,000 kìlómítà, ó gba àwòrán láti ara sátẹ́láìtì SPOT 4 ti ilẹ̀ Faransé nípasẹ̀ ìtànṣán lésà, èyí tí ó jẹ́ ìdí pàtàkì tí a fi ṣe é. Lẹ́yìn tí ó dé ibi iṣẹ́, ó ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọn kò sì pa á títí di ọdún 2017.

Ẹ̀gbọ́n wa tún bi mí lẹ́yìn tí mo ṣàlàyé èyí pé: “Ṣé wọn kò lè fi áyọ́ọ̀nù ṣe gbogbo rẹ̀, kí wọ́n sì pa 1,400 kílógíráàmù epo yẹn mọ́?” Mo sọ fún un pé, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká bá a lọ sídìí ìṣírò.” Láti ọ̀nà tó kùnà yẹn dé ibi iṣẹ́, ìyípadà eré kò lè dín sí 1,900 mítà fún ìṣẹ́jú-àáyá, ọ̀nà jẹ́jẹ́ ti áyọ́ọ̀nù sì ń ná ju bẹ́ẹ̀ lọ. Sátẹ́láìtì tó wúwo tó 3,100 kílógíráàmù, tí ìtaari rẹ̀ jẹ́ 15 mílíníútọ̀nù, yóò gba ohun tó ju ọdún 12 lọ, yóò sì lo èyí tó pọ̀ jù nínú ọdún wọ̀nyẹn láàárín ìgbànú ìtànṣán. Pátákó sólà tí ń bọ́ ẹ́ńjìnì náà ì bá ti kú kí ó tó débẹ̀.

Nítorí náà, ibi tí wọ́n ti yí láti ẹ́ńjìnì kan sí èkejì ni ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ fún ẹni tó bá ń yan ẹ́ńjìnì fún iṣẹ́. Gbogbo ìgbà tí ohun kan bá ń lé ọkọ̀, yálà òòfà ilẹ̀ tí ń fà á padà, ìtànṣán, tàbí pílánẹ́ẹ̀tì tí yóò kọjá lọ bí a kò bá tètè dín eré kù, ìtaari ni a gbọ́dọ̀ rà, kẹ́míkà sì ni ó ń tà á. Gbígbéra láti ilẹ̀, sísọ̀kalẹ̀ sórí òṣùpá, àti wíwọ ọ̀nà ìyípo Máàsì nínú ìṣẹ́jú díẹ̀ tó wà fún un, kò sí ọ̀kan nínú wọn tí áyọ́ọ̀nù lè ṣe. Ṣùgbọ́n bí kò bá sí ohun tó ń lé ọkọ̀, tí ìyípadà eré tí iṣẹ́ náà fẹ́ sì pọ̀, èrè epo ni ó ń pinnu bóyá iṣẹ́ náà ṣeé ṣe rárá.

Ọkọ̀ Dawn ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni àpẹẹrẹ tó dára jù fún èyí. Ó gbéra ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2007, ó yí Vesta po láti ọdún 2011, ó kúrò níbẹ̀, ó sì lọ yí Ceres po ní ọdún 2015; ayé kékeré tó wà láàárín Máàsì àti Júpítà ni àwọn méjèèjì. Kílógíráàmù 425 sénọ́ọ̀nù ni ó gbé, ìyípadà eré tí ẹ́ńjìnì áyọ́ọ̀nù rẹ̀ mú wá sì ju 11 kìlómítà fún ìṣẹ́jú-àáyá lọ. Ẹni tó bá fẹ́ fi kẹ́míkà tí èrè rẹ̀ jẹ́ 310 ṣe irú rẹ̀, fọ́múlà yóò sọ fún un pé kí ó gbé bíi kílógíráàmù 36 epo fún kílógíráàmù kọ̀ọ̀kan ọkọ̀ rẹ̀. Kẹ́míkà náà ni ó gbé Dawn kúrò lórí ilẹ̀, kí a má gbàgbé.

Ó kù sí ọ̀dọ̀ wa ní Àbújá. NigComSat-1R gòkè ní oṣù Kejìlá ọdún 2011, wọ́n sì ṣe é pé kí ó pẹ́ ọdún 15, nítorí náà ọ̀rọ̀ ohun tí yóò rọ́pò rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọjọ́ iwájú tó jìnnà. Ẹ jẹ́ kí a fi sátẹ́láìtì kan ṣe àpẹẹrẹ tí yóò wúwo tó 2,000 kílógíráàmù láìsí epo. Láti dúró lójú ìlà rẹ̀, ó nílò bíi 50 mítà fún ìṣẹ́jú-àáyá lọ́dún, èyí tí ó jẹ́ 750 fún ọdún 15. Pẹ̀lú ẹ́ńjìnì kẹ́míkà kékeré tí èrè rẹ̀ jẹ́ 300, epo tó nílò jẹ́ bíi 580 kílógíráàmù. Pẹ̀lú áyọ́ọ̀nù, bíi 48. Ìyàtọ̀ tó ju 500 kílógíráàmù lọ yẹn lè di ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ sí i, tàbí rọ́kẹ́ẹ̀tì tó kéré jù tí owó rẹ̀ sì dín. Lórí iṣẹ́ ìdúró yìí, mi ò rí ìdí tí ẹnikẹ́ni yóò fi yan kẹ́míkà lónìí.

Lórí ìgòkè dé ibi iṣẹ́, ọ̀rọ̀ kò dọ́gba bẹ́ẹ̀. Sátẹ́láìtì ABS-3A àti Eutelsat 115 West B, tí wọ́n gbéra papọ̀ ní oṣù Kẹta ọdún 2015 láìní ẹ́ńjìnì kẹ́míkà kankan, fi bí oṣù mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ gòkè kí iṣẹ́ wọn tó bẹ̀rẹ̀. Bí NigComSat-1R bá ṣì ń ṣiṣẹ́ nígbà tí arọ́pò rẹ̀ ń gòkè, oṣù mẹ́fà kò ní pa ẹnikẹ́ni lára, owó rọ́kẹ́ẹ̀tì yóò sì dín. Ṣùgbọ́n NigComSat-1 kú lójijì ní oṣù Kọkànlá ọdún 2008, ọdún kan àti ààbọ̀ lẹ́yìn tó gòkè, ó sì ju ọdún mẹ́ta lọ kí arọ́pò rẹ̀ tó dé ojú ọ̀run. Bí irú rẹ̀ bá tún ṣẹlẹ̀, àwọn tó ń lo ìkànnì rẹ̀ kò ní lè fi oṣù mẹ́fà mìíràn dúró lórí ohun tó ti pẹ́ jù tẹ́lẹ̀.

Èrò tèmi ni pé kí ìwé àdéhùn fún arọ́pò náà béèrè fún ẹ́ńjìnì kẹ́míkà tí yóò gbé e kọjá ìgbànú ìtànṣán láàárín ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, àti ẹ́ńjìnì áyọ́ọ̀nù tí yóò parí ìgòkè náà tí yóò sì máa ṣe iṣẹ́ ìdúró fún ọdún 15, kí a sì kọjú wọn síbi tí wọ́n lè ṣe iṣẹ́ méjèèjì láìjẹ́ pé a tún ìlànà kọ̀ǹpútà kọ lójú ọ̀run. Kí ìwé náà má sì ṣe gba Isp nìkan lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ tà á fún wa. Kí ó béèrè ìtaari ní iye wáàtì tí pátákó sólà yóò ṣì lè mú wá ní ọdún 15, àti iye wákàtí tí irú ẹ́ńjìnì náà ti ṣiṣẹ́ láìdákẹ́ lórí ilẹ̀ kí àwo oníhò rẹ̀ tó fẹ̀ jù.